Ṣé Lóòótọ́ Ni Ogójì Ọdún Ń Da Orí Ènìyàn Rú?

Nínú àwọn lẹ́tà tó dé ọ̀dọ̀ wa lọ́sẹ̀ yìí, èyí tó gbà mí lọ́kàn jù wá láti Ìgàndó, ọwọ́ ìyá aláta kan ló ti wá. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n wí:

“Oníwèé ìròyìn, télọ̀ ni ọkọ mi, ọdún 46 ni wọ́n, ọmọ mẹ́rin ni a bí. Láti bí ọdún méjì ni inú ti ń bí wọn ṣáá. Wọ́n ń jágbe mọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́, aṣọ tó yẹ kó jáde ní Fúráìdé kì í jáde, wọn kì í sì í sùn lóru. Ní báyìí, wọ́n ní àwọn fẹ́ ta máṣíìnì méjèèjì kí àwọn fi ra kẹ̀kẹ́ Márúwá. Àbúrò mi tó kàwé ní mídíláìfù kiráísíìsì ni, pé gbogbo ọkùnrin tó bá ti lé ní ogójì ọdún ló ń ṣe, kí n fara dà á, yóò kọjá. Ṣé lóòótọ́ ni? Torí máṣíìnì yẹn la fi ń san owó ilé ìwé.”

Ìyá wa, ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n ta máṣíìnì o. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí ọ̀rọ̀ tí àbúrò yín sọ ti ṣẹ̀ wá.

Ohun tí òyìnbó ń pè bẹ́ẹ̀ ni pé bí ènìyàn bá dé àárín ọjọ́ ayé rẹ̀, ọkàn rẹ̀ á dédé dàrú. Á bojú wẹ̀yìn, á rí i pé òun ò tíì ṣe nǹkan kan, á wá pa iṣẹ́ tì, á máa ṣe bí ọmọ ogún ọdún. Elliott Jaques, ọmọ Kánádà tó ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ló kọ orúkọ náà sínú ìwé ní 1965. Ìtàn ayé àwọn olórin, akéwì àti ayàwòrán ńláńlá ló yẹ̀ wò. Ó ní bí wọ́n bá ti ń sún mọ́ ogójì ọdún ni ọ̀rọ̀ ikú ń wá sí wọn lọ́kàn, tí iṣẹ́ wọn sì ń yí padà. Ẹ ò rí i pé kò sí télọ̀ níbẹ̀, kò sí aláta.

Ní 1978, ará Amẹ́ríkà kan, Daniel Levinson, tún gbé ìwé jáde. Ó ní nínú ọkùnrin márùn-ún, mẹ́rin ni ọkàn wọn ń dàrú ní àárín ayé. Mélòó ló bá sọ̀rọ̀? Ọkùnrin 40 péré, kò sí obìnrin kan láàárín wọn. Ẹ kó èrò inú dánfó mẹ́ta jọ láti Ìkọ̀tún, wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ dídùn ń sáré ju ọ̀rọ̀ òótọ́ lọ, bó ṣe di ohun tí gbogbo ayé ń sọ nìyẹn.

Ẹni tó wá tú ọ̀rọ̀ náà wò bí ẹni tú ẹrù ọjà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Elaine Wethington, ní Amẹ́ríkà kan náà. Ní 2000 ló gbé èsì rẹ̀ jáde. Àwọn tó lé ní 700, lọ́kùnrin lóbìnrin, ni wọ́n bi bóyá kiráísíìsì yìí ti ṣe wọ́n rí. Nínú ọgọ́rùn-ún, bí 26 ló ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò dúró síbẹ̀ o. Ó ní kí wọ́n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an àti ìgbà tó ṣẹlẹ̀. Ibẹ̀ ni àṣírí ti tú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé kí wọ́n tó pé ogójì ló ṣẹlẹ̀, tàbí lẹ́yìn àádọ́ta. Ohun tí ọ̀pọ̀ sì sọ ni pé iṣẹ́ bọ́, ìgbéyàwó tú ká, òbí kú, àìsàn dé. Èyí tó lè ba ẹni ọdún 28 lọ́kàn jẹ́, tó lè ba ẹni ọdún 65 náà lọ́kàn jẹ́, báwo la ṣe fẹ́ sọ pé ogójì ọdún ló fà á?

Mi ò ní gbọ́ tẹnu ẹnì kan dájọ́. Àwọn onímọ̀ mìíràn wà tí wọ́n rí i pé ìtẹ́lọ́rùn ń lọ sílẹ̀ díẹ̀ láàárín ọdún 45 sí 54, kó tó tún gòkè. Àwọn tí wọ́n kọ ọ́ ní 2015, Andrew Steptoe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, sọ pé ní àwọn ilẹ̀ olówó tí wọ́n ti ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì ló rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ní ilẹ̀ Áfíríkà tiwa yìí, ìtẹ́lọ́rùn kò pọ̀ lápapọ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí kò fi bẹ́ẹ̀ yí i padà. Pé inú ènìyàn ò dùn tó ti àná, ìyẹn kì í sì í ṣe orí dídàrú.

Nígbà tó yé mi báyìí ni mo gbé ṣòkòtò kan, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù bàbá náà ní Ìgàndó. Mo kí wọn, mo jókòó, mo ń wò wọ́n. Ọmọ iṣẹ́ kékeré ló ń bá wọn ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ka nọ́ńbà ara téèpù, wọ́n na apá gbọọrọ, wọ́n tún jáde sínú oòrùn. Mo ní, “Bàbá, ìgbà wo lẹ ti ń na apá báyìí?” Wọ́n ní ó tó ọdún méjì, pé iná tó ń ṣe bàìbàì ló fà á. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ bá mi ka pátákó tó wà lódìkejì títì. Wọ́n kà á láìṣẹ́jú.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ ti rí i. Láti bí ogójì ọdún lọ, ẹyin tó mọ́lẹ̀ kedere nínú ojú ènìyàn a máa le, kò ní lè tẹ̀ mọ́ láti rí ohun tó wà nítòsí. Ọ̀nà jíjìn á ṣì hàn, itòsí ni kò ní hàn. Bí ìránṣọ bàbá ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ nìyẹn, tí oníbàárà ń dá aṣọ padà, tí ìtìjú di ìbínú, tí ìbínú gba oorun lójú wọn. Àní Márúwá tí wọ́n fẹ́ rà gan-an, ọ̀nà jíjìn lonímọ́tò ń wò jù! Ojú ló ń bá wọn wá iṣẹ́ tí òun lè ṣe. Awò ojú tí wọ́n fi ń wo itòsí ni oògùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má kàn rà á lọ́wọ́ alágbàtà, nítorí àìsàn ojú mìíràn wà tí kì í dun ènìyàn títí yóò fi fọ́ ojú. Ọsibítù Jẹ́nẹ́rà Alimọ́ṣọ́ wà ní Ìgàndó níbẹ̀, kí wọ́n yẹ ojú náà wò. Bàbá ní àwọn yóò lọ, wọ́n sì gbà kí n kọ ọ́, kí n má ṣáà dárúkọ àwọn.

Ẹ̀yin ìyá, tiyín náà wà níbẹ̀. Láàárín ọdún 45 sí 55 ni nǹkan oṣù ń dúró fún ọ̀pọ̀ obìnrin. Kó tó dúró pátápátá, ooru á máa bo ara lójijì, òógùn á máa bọ̀ lóru, inú á máa tètè bíni. Ara ló ń yí padà, kì í ṣe ayé, kì í ṣe kiráísíìsì. Dókítà lè bá yín dín in kù.

Ṣùgbọ́n bí ìbànújẹ́ bá gba ènìyàn láti àárọ̀ dalẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, tí ohunkóhun ò wù ú mọ́, tàbí tó ń sọ̀rọ̀ ikú, ẹ má ṣe ní yóò kọjá. Àìsàn nìyẹn, ìbáà ṣe ọmọ ogún ọdún, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù. Ti bàbá tó bá sì ń kó ọmọge kiri, tó ní ọjọ́ orí ló ń ṣe òun, ẹ bi í bóyá kò kó wọn kiri nígbà tó wà ní ọgbọ̀n ọdún.

Ẹni tí irú èyí bá wà nílé rẹ̀, kó kọ̀wé sí wa. Kẹ́ ẹ kọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sínú rẹ̀, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú rẹ̀, torí ìyẹn la ó kọ́kọ́ bi yín.