Ayédèrú mẹ́mórì kádì: Iye tí fóònù bá gbé jáde kì í ṣe ẹ̀rí pé kádì pé

Ẹni tó bá ń gba ọ̀nà márosẹ̀ Lẹkki sí Ẹ̀pẹ́ kọjá yóò ti rí àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké tó to fóònù, ṣájà àti mẹ́mórì kádì síta, láti ìhà Jakande títí dé Ajah àti Ṣangotẹdo. Irú ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó ti máa ń ra kádì tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí àwọn òbí wọn nílé, yálà èyí tí wọ́n ti kó orin àti ìwàásù sí, tàbí èyí tí wọ́n fẹ́ fi gba fídíò ìnáwó. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn kádì kan wà lọ́jà tí ohun tí wọ́n kọ sí wọn lára kò bá inú wọn mu. Wọn yóò kọ 512GB sára kádì, bẹ́ẹ̀ àyè tó wà nínú rẹ̀ lè má ju 32GB lọ.

GB yìí, ìyẹn gígábáìtì, ni òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn iye ohun tí kádì lè gbà. Ẹgbẹ̀rún kan rẹ̀ ló ń jẹ́ tẹrabáìtì kan, tí wọ́n ń kọ ní TB.

Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé bí wọ́n bá ti ki kádì bọ inú fóònù, tí fóònù sì gbé iye tí wọ́n kọ sára rẹ̀ jáde, ọ̀rọ̀ ti parí, ojúlówó ni. Ibẹ̀ gan-an ni ọwọ́ àwọn oníjìbìtì ti ń tẹ̀ wọ́n. Fóònù kì í wọn kádì fúnra rẹ̀. Ńṣe ló ń béèrè lọ́wọ́ kádì pé mélòó lo lè gbà, ohun tí kádì bá sì fi dá a lóhùn ló ń gbé jáde.

Àwọn àgbà tó ti ṣòwò kòkó rí yóò tètè mọ ohun tí à ń sọ. Nínú kádì kọ̀ọ̀kan, ohun méjì ló wà. Èkíní ni àká tí ẹrù ń wọ̀. Èkejì ni akọ̀wé kékeré tó jókòó sẹ́nu àká náà, òun ló ń gba ẹrù wọlé tó sì ń mú un jáde. Kò sẹ́ni tó ń wọ inú àká lọ kà á, akọ̀wé ni gbogbo ayé ń bi léèrè. Àwọn tó ń ṣe ayédèrú kádì kò fi kún àká rárá. Akọ̀wé ni wọ́n kọ́ ní irọ́ pípa, pé bí wọ́n bá bi í, kó sọ pé àpò 512 ni àká òun ń gbà. Ìdí nìyí tí pípa gbogbo ohun inú kádì rẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní fọ́máàtì, kò fi lè tú àṣírí náà. Bí wọ́n fọ́máàtì rẹ̀ nígbà ogún, akọ̀wé kan náà ni yóò dáhùn, irọ́ kan náà ni yóò sì pa.

Ohun tó burú jù níbẹ̀ ni pé kádì náà kì í kọ ẹrù. Ẹ jẹ́ ká fi ìnáwó òkú kan ṣàpẹẹrẹ. Ká ní ayàwòrán kan ra irú kádì 512GB bẹ́ẹ̀ ní Ajah, tó sì gbé e lọ sí ìlú òkè láti fi gba fídíò ìsìnkú bàbá arúgbó kan. Fídíò wákàtí kan, bí ó bá mọ́lẹ̀ dáadáa, lè jẹ nǹkan bíi 8GB. Ó gba àìsùn fún wákàtí méjì, ó gba ìsìn ṣọ́ọ̀ṣì àti ìsìnkú fún wákàtí méjì mìíràn. Ìyẹn jẹ́ 32GB, àká sì ti kún. Ṣùgbọ́n akọ̀wé kò sọ nǹkan kan, kámẹ́rà sì ń bá iṣẹ́ lọ. Ó gba àríyá fún wákàtí mẹ́ta sí i, pẹ̀lú ijó, ìnáwó àti gbogbo mọ̀lẹ́bí tó ti òkèèrè wá.

Fídíò wákàtí mẹ́ta yẹn, 24GB, kò rí ibi wọ̀. Nínú àwọn ayédèrú kan, akọ̀wé yóò gba ẹrù náà lọ́wọ́ ọ̀tún, yóò sì dà á nù lọ́wọ́ òsì. Nínú àwọn mìíràn, yóò padà sí ìbẹ̀rẹ̀ àká, yóò sì máa kó ẹrù tuntun lé ti àkọ́kọ́ lórí, tí àìsùn àti apá kan ìsìn ṣọ́ọ̀ṣì yóò fi bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìwé tí orúkọ ẹrù wà sábà máa ń wà níbẹ̀rẹ̀ àká. Nítorí náà, níbi tí akọ̀wé bá ti kàn ń da ẹrù nù, orúkọ gbogbo fídíò yóò pé lójú kọ̀ǹpútà, títóbi wọn yóò pé, ọjọ́ àti aago tí wọ́n gbà wọ́n yóò pé pẹ̀lú. Ìgbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ ni wọn yóò tó mọ̀ pé òfìfo ni. Nígbà náà, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ti lè kọjá, ẹni tó tà á sì lè ti kúrò níbi tó pàtẹ sí.

Ohun kan wà tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni torí rẹ̀ bá ọlọ́jà jà. Bí wọ́n bá ki ojúlówó kádì 512GB bọ inú kọ̀ǹpútà Windows, nǹkan bíi 476 ni yóò gbé jáde. 64GB yóò fi nǹkan bíi 59 hàn, 32GB yóò sì fi nǹkan bíi 29 hàn. Èyí kì í ṣe jìbìtì. Ìlọ́po ẹgbẹ̀rún ni àwọn tó ń ṣe kádì fi ń kà, ìlọ́po 1,024 sì ni Windows fi ń kà. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ayédèrú náà yóò fi 476 yìí hàn láìyẹsẹ̀.

Irọ́ mélòó kan wà tí ojú lásán lè mú kí wọ́n tó sanwó. Lára kádì, wọ́n máa ń kọ HC tàbí XC. Ìlànà tí wọ́n fi ń ṣe kádì kárí ayé sọ pé HC kì í kọjá 32GB, XC sì kì í kọjá 2TB. Nítorí náà, kádì tó bá kọ HC tó tún kọ 64GB ti fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́. Bákan náà ni èyí tó bá kọ XC tó sì ń pe ara rẹ̀ ní 4TB. Iye owó náà a máa sọ̀rọ̀: bí 512GB bá ń lọ ní owó tí wọ́n ń ta 32GB ní ṣọ́ọ̀bù kejì, kò sí àánú kankan tó ń ṣe ọlọ́jà.

Ẹ̀rọ ìpamọ́ ńlá tí wọ́n ń pè ní SSD, èyí tí àwọn ọmọ ilé ìwé àti oníṣẹ́ fídíò ń so mọ́ kọ̀ǹpútà, kò mórí bọ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, olùwádìí ààbò kọ̀ǹpútà kan ra ọ̀kan tí wọ́n pè ní 30TB lórí ẹ̀rọ ayélujára, ní nǹkan bíi ọgbọ̀n dọ́là. Irú rẹ̀ wà lórí ìkànnì Walmart, ilé ìtajà ńlá Amẹ́ríkà, nígbà náà. Nígbà tó tú u, mẹ́mórì kádì kéékèèké méjì ló bá tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀, akọ̀wé ibẹ̀ ni wọ́n sì kọ́ láti pè wọ́n ní 30TB. Walmart yọ ọjà náà kúrò lẹ́yìn náà. Bí irú rẹ̀ bá lè gba ibẹ̀ wọlé, kò yẹ kó yani lẹ́nu bí a bá rí i ní Ajah. Àwọn ọlọ́jà kan kò tilẹ̀ mọ̀ pé ayédèrú ni wọ́n ń tà, nítorí àwọn náà rà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni.

Ti SSD ní àmì kan tí kádì kò ní, ìyẹn ni eré. Bí wọ́n bá so ojúlówó mọ́ ojú ihò tó yára lára kọ̀ǹpútà, fíìmù 10GB lè wọlé láàárín ìdajì ìṣẹ́jú. Irú ayédèrú tí à ń sọ yìí yóò lò tó ìṣẹ́jú mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Síbẹ̀, ìdánwò kan ṣoṣo ló dájú: kí wọ́n kó ẹrù kún kádì dé ẹnu, kí wọ́n sì tún un kà jáde bóyá ó pé. Irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ kan tó ń ṣe é lórí Windows ni H2testw, èyí tí Harald Bögeholz ti ìwé ìròyìn c't ní Jámánì kọ. Kí wọ́n kọ́kọ́ kó gbogbo ohun tó wà nínú kádì kúrò. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n tọ́ka sí kádì náà nínú H2testw, kí wọ́n mú "all available space", kí wọ́n sì tẹ "Write + Verify". Bí kádì bá pé, yóò kọ "Test finished without errors". Bí kò bá pé, yóò kọ "The media is likely to be defective", yóò sì sọ iye tó dára àti iye tó ti sọnù. Bí kádì bá kùnà, kí wọ́n fi ohun mìíràn tí wọ́n fi ń so kádì mọ́ kọ̀ǹpútà tún un dán wò, nítorí ìyẹn náà lè bàjẹ́.

Ìdánwò yìí kì í ṣe ti ẹ̀bá ọ̀nà. Kádì 512GB tó ń gba 20 mẹ́gábáìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan yóò lò ju wákàtí méje lọ kó tó kún, kí wọ́n tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á jáde. Ẹni tí iná rẹ̀ kò dúró ní láti múra sílẹ̀. Fún ìdí èyí, irinṣẹ́ mìíràn wà tó ń jẹ́ ValiDrive, tí iléeṣẹ́ GRC ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 2023. Ojú ibi 576 ló ń yẹ̀ wò káàkiri inú kádì tàbí SSD tí wọ́n so mọ́ ojú ihò USB, kì í sì í pẹ́. Ọlọ́jà tó bá ní kọ̀ǹpútà lè ṣe é lójú oníbàárà kí owó tó kúrò lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó lè sọ bóyá orúkọ iléeṣẹ́ tí wọ́n kọ sára kádì jẹ́ òótọ́. Kádì 64GB tí àyè rẹ̀ pé yóò yege bí wọ́n tilẹ̀ lẹ orúkọ olórúkọ mọ́ ọn.

Kí ẹni tó bá rà á gba rìsíìtì tí wọ́n kọ orúkọ ọjà àti iye GB sí, kó sì ṣe ìdánwò náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 kò fàyè gba kí wọ́n fi àpèjúwe irọ́ ta ọjà. Bí ọlọ́jà bá kọ̀, àjọ FCCPC ti ìjọba àpapọ̀ àti LASCOPA ti ìpínlẹ̀ Èkó ló ń gba irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀, rìsíìtì náà àti àwòrán èsì ìdánwò ni yóò sì jẹ́ ẹ̀rí.

Ní ti ẹni tí ohun rẹ̀ ti wà nínú irú kádì bẹ́ẹ̀, kó má ṣe kó nǹkan kan sí i mọ́. Kó kó èyí tó bá ṣì ṣí jáde sínú kọ̀ǹpútà lójú ẹsẹ̀. Àwọn kan lè sọ fún un pé àwọn yóò bá a wá ìyókù jáde pẹ̀lú irinṣẹ́ tó ń gba ohun tó sọnù padà, kí wọ́n sì bu owó lé e. Irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè ṣiṣẹ́ fún ohun tí wọ́n ṣèèṣì pa rẹ́. Àmọ́ níbi tí akọ̀wé bá ti kàn ń da ẹrù nù, fídíò àríyá tó dé lẹ́yìn tí àká ti kún kò wọ inú kádì náà rí.