Ẹ Má Pa Tẹlifíṣọ̀n Ọmọdé Nítorí Ìpè Fídíò: Ọ̀nà Ìjáde Ni Kí Ẹ Ṣọ́

"Ẹ kúrò lórí Wáì-fáì o, mo fẹ́ wọ ìpàdé!" Igbe yìí ti wọ́pọ̀ ní ilé àti ní ọ́fíìsì láti Àkrà dé Àbújá, pàápàá láti ọdún 2020 tí àrùn Kòrónà ti gbé ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò iṣẹ́ àti ìpàdé pẹ̀lú oníbàárà òkè òkun wá sórí ẹ̀rọ. Bí ẹni tó pariwo bá jẹ́ baba ilé tàbí ọ̀gá, àwọn ọmọ á pa tẹlifíṣọ̀n, akọ̀wé á gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tì. Síbẹ̀, kò ní pẹ́ tí ojú ẹni tó wà lójú ìpè á fi dúró gbagidi, tí ohùn rẹ̀ á sì máa já. Èrò tèmi ni pé àṣẹ yìí kùnà lọ́nà méjì: ó ń fìyà jẹ ẹni tí kò ṣẹ̀, ó sì ń fi ẹlẹ́ṣẹ̀ gan-an sílẹ̀ lórí ìkànnì.

Ìdí rẹ̀ ni pé ọ̀nà méjì ni íńtánẹ́ẹ̀tì ilé ní, kì í ṣe ọ̀kan. Ọ̀nà ìwọlé ni fíìmù, orin àti ìròyìn ń gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀nà ìjáde ni ohun tí a fi ránṣẹ́ ń gbà lọ. Lórí ráútà 4G tí ọ̀pọ̀ wa ń lò, ọ̀nà ìwọlé máa ń fẹ̀ ju ọ̀nà ìjáde lọ fíìfíì. Ẹni tó ń wo fíìmù fẹ́rẹ̀ẹ́ má lo ọ̀nà ìjáde rárá, ṣùgbọ́n ẹni tó wà lójú ìpè fídíò ń lo méjèèjì dọ́gba, nítorí pé àwọn tó ń bá sọ̀rọ̀ náà fẹ́ rí ojú tirẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Zoom kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìpè ẹni kan sí ẹni kan ní àwòrán 720p ń fẹ́ mẹ́gábíìtì 1.2 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ní ìwọlé, ó sì ń fẹ́ iye kan náà ní ìjáde. Ìyẹn kò pọ̀. Ohun tó sọ ọ́ di ìṣòro ni iye tó ṣẹ́kù ní ọ̀nà ìjáde nígbà tí àwọn ẹ̀rọ mìíràn bá ti jẹ tiwọn.

Ẹ jẹ́ ká wo ilé kan tí mo mọ̀ ní Kubwa, ní Àbújá. Ọmọbìnrin ilé náà ní ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò pẹ̀lú ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní òkè òkun ní aago 7 alẹ́, nítorí owó ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Nígbà tí wọ́n wọn íńtánẹ́ẹ̀tì wọn ní aago yẹn gan-an ní ọjọ́ tó ṣáájú, ìwọlé jẹ́ mẹ́gábíìtì 18, ìjáde sì jẹ́ 3. Tẹlifíṣọ̀n tí gbogbo ilé ń fẹ̀sùn kàn ń gba bíi 5 nínú 18 ti ìwọlé, kò sì mú nǹkan kan nínú 3 ti ìjáde. Kámẹ́rà ẹnu géètì, tí ń fi àwòrán ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é tọ̀sán-tòru, ń gba nǹkan bíi 1 nínú 3 náà. Fóònù méjì tí wọ́n fi sí iná ní yàrá, tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn, ń kó fídíò ìgbéyàwó tí wọ́n lọ ní Sátidé lọ sí Google Photos. Àwọn méjì wọ̀nyí ló gbé gbogbo ìyókù. Fídíò tó tó gígábáìtì 1 jẹ́ mẹ́gábíìtì 8,000. Bí ó bá rí gbogbo mẹ́gábíìtì 3 náà lò, á gba bíi ìṣẹ́jú 45 kó tó parí, fídíò wọn sì ju ẹyọ kan lọ. Nígbà tí ọmọdé pa tẹlifíṣọ̀n, kò sí ohun tó yí padà.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà mọ ẹlẹ́ṣẹ̀ rọrùn. Ẹ ṣí fèrèsé àṣẹ lórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ tẹ èyí:

```
ping -t 8.8.8.8
```

Lórí Windows nìyẹn. Lórí Mac tàbí Linux, ẹ yọ `-t` kúrò. Nọ́ńbà tó ń jáde lórí ìlà kọ̀ọ̀kan ni iye mílísẹ́kọ́ǹdì tí ìhìn kékeré kan fi lọ tó sì fi bọ̀. Ní ilé Kubwa yẹn, ó ń rìn láàárín 1,200 àti 1,600. Wọ́n wá ń yọ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan kúrò lórí Wáì-fáì lẹ́yọ lẹ́yọ, wọ́n ń wo nọ́ńbà náà. Tẹlifíṣọ̀n kúrò, kò mì. Fóònù kìíní kúrò, ó rọlẹ̀ díẹ̀. Fóònù kejì kúrò, ó já sí 60. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ tí ẹjọ́ fi parí, láìsí pé ẹnikẹ́ni bú ẹnikẹ́ni.

Kí ló dé tí fóònù méjì fi lè sọ 60 di 1,500? Ìlà ni. Nígbà tí ohun tó fẹ́ jáde bá ju ohun tí ọ̀nà lè gbé lọ, ráútà kì í da ìyókù nù lójú ẹsẹ̀. Ó ń tò wọ́n sí ìlà. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ wọ̀nyí ti fi àyè ìlà gígùn sínú wọn, wọ́n rò pé oore ni. Ohùn àti àwòrán ìpè yín wá dúró sí ẹ̀yìn fídíò ìgbéyàwó, bí ẹni tó fẹ́ ra páànù búrẹ́dì kan tó bá oníṣòwò tó fẹ́ ra ọgọ́rùn-ún níwájú. Jim Gettys, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Amẹ́ríkà, rí ìṣòro yìí ní ilé ara rẹ̀ ní ọdún 2010 nígbà tó ń fi fáìlì ńlá ránṣẹ́, òun náà ló sọ ọ́ lórúkọ tí àwọn onímọ̀ fi ń pè é títí dòní. Ìmọ̀ràn G.114 ti àjọ ITU sọ pé kí ohùn má lò ju mílísẹ́kọ́ǹdì 150 lọ kó tó dé etí ẹnì kejì bí a bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ máa ṣàn. Ping ń ka àlọ àti àbọ̀ pọ̀, nítorí náà bí tiyín bá ti ń kọjá 300, ẹ máa retí kí ẹni méjì máa bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Èyí ló mú mi sọ pé dídín kù ló tọ́, kì í ṣe gígé. Ibi àkọ́kọ́ tí a ti ń dín in kù ni orí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Nínú Google Photos, ẹ dá Backup dúró fún wákàtí ìpàdé. Lórí iPhone, ẹ tan Low Data Mode fún Wáì-fáì ilé. Lórí Windows, ẹ sọ Wáì-fáì náà di Metered connection; OneDrive á dáwọ́ dúró, ìmúdójúìwọ̀n ńlá kò sì ní máa wọlé. Ẹ tún wo Delivery Optimization, nítorí Windows lè máa fi ìmúdójúìwọ̀n tó ti gbà ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà àwọn àjèjì láti ọ̀nà ìjáde yín, bí a bá gbà á láàyè níbẹ̀. Ní ọ́fíìsì tó ní kọ̀ǹpútà 15, èyí nìkan tó fa wàhálà.

Ibi kejì ni ráútà. Ẹ tẹ àdírẹ́sì rẹ̀, tó sábà máa ń jẹ́ `192.168.0.1` tàbí `192.168.8.1`, kí ẹ wá ojú ewé tó ń jẹ́ Bandwidth Control tàbí QoS. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í: àpótí méjì ló wà, ti ìwọlé àti ti ìjáde, ti ìwọlé nìkan ni wọ́n máa ń kún. Ti ìjáde ló ṣe pàtàkì. Ní Kubwa, wọ́n fún fóònù kọ̀ọ̀kan ní 0.3. Wọn kò fi ráútà dín kámẹ́rà kù, nítorí kámẹ́rà tí a fún lọ́rùn báyẹn á kàn máa fi àwòrán tó fọ́ ránṣẹ́. Inú áàpù rẹ̀ ni wọ́n ti sọ àwòrán rẹ̀ di kékeré, tó fi ń gba 0.5. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi àpapọ̀ ìjáde gbogbo ilé sí 2.5 dípò 3. Àwọn ènìyàn máa ń bi mí pé kí ló dé tí ẹ ó fi sọ 0.5 nù lọ́wọ́ ara yín. Ìdáhùn ni pé ibi tí ọ̀nà bá ti há ni ìlà ti ń tò. Bí ráútà bá ń tú jáde díẹ̀ sí ohun tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè gbà, ìlà gígùn kò ní ibi tí yóò tò sí. Ẹ yọ 1.1 ti fóònù méjì àti kámẹ́rà kúrò nínú 2.5, ó ku 1.4, ìpè sì ń fẹ́ 1.2. Tẹlifíṣọ̀n wà ní títàn títí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fi parí.

Kì í ṣe gbogbo ráútà tí ilé-iṣẹ́ fóònù ń tà ló ní ojú ewé yìí. Bí tiyín kò bá ní, iṣẹ́ orí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ló kù. Kí ọ́fíìsì tó ní agbára ra ráútà kejì tó lè lo OpenWrt, kí wọ́n tan SQM níbẹ̀. Ìyẹn á máa pín ìlà náà fún olúkúlùkù fúnra rẹ̀.

Ní ọ́fíìsì, ọ̀rọ̀ yìí tún kan ẹ̀tọ́. Mo ti rí ibi tí ọ̀gá ti ní kí wọ́n yọ ẹ̀rọ ìsanwó akápò kúrò lórí Wáì-fáì nítorí ìpàdé tirẹ̀, àwọn oníbàárà sì tò síta. Ìsanwó kan kò gba ju kílóbáìtì díẹ̀ lọ. Ní yàrá kejì, kọ̀ǹpútà ọ̀gá kan náà ń kó gbogbo fáìlì rẹ̀ lọ sí OneDrive. Ẹni tó kéré jù nípò ni a máa ń kọ́kọ́ gé, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ tó tóbi jù tó sì gbowó lórí jù ló sábà máa ń fi nǹkan ránṣẹ́ jù.

Gbogbo èyí ní ààlà. Òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í ṣe ti ilé yín nìkan. 3 tí ẹ wọ̀n ní ọ̀sán lè di 0.8 ní alẹ́ nígbà tí gbogbo àdúgbò bá dé. Ìdí nìyẹn tí a fi ń wọ̀n ọ́n ní wákàtí ìpàdé gan-an. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, tí wáyà abẹ́ òkun mélòó kan bàjẹ́ nítòsí Abidjan, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè tún ṣe nínú ráútà rẹ̀. Bí ìjáde bá ti rẹlẹ̀ sí 1, ẹ pa fídíò tiyín. Ohùn nìkan kò gbà ju bíi kílóbíìtì 100 lọ, ẹ ó sì ṣì máa rí àwọn tó kù.

Bí ìpàdé bá parí, ẹ tú ìdè àwọn fóònù. Pẹ̀lú 0.3, fídíò gígábáìtì kan á gba wákàtí 7 ó lé kó tó dé ibi tó ń lọ, àwọn tó ya fídíò ìgbéyàwó náà sì ń dúró.