Ọjọ́ Mélòó Lo Fẹ́? Ọ̀rọ̀ Àwìn Láàárín Àwa àti Àwọn Tí A Ń Kó Ọjà Lọ́wọ́ Wọn

Ẹ̀yin ará ilé wa ní Máídúgùrì,

Ọ̀rọ̀ kan ti ń dùn mí láti ìgbà tí omi Alau ti ya wọ ìlú ní ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án ọdún 2024. Púpọ̀ nínú wa ló pàdánù ọjà lọ́jọ́ náà. Kì í ṣe ọjà tó bá omi lọ ló lé àwọn kan kúrò lórí àtẹ o. Ohun tó lé wọn ni pé wọn ò mọ bí wọn ṣe máa bá ẹni tí wọ́n ń kó ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Wọ́n pa fóònù. Wọ́n yí nọ́ńbà padà. Ẹni tó ti ń gbé ọjà fún wọn láti ọdún pípẹ́ wá di ẹni tí wọ́n ń sá fún. Èmi gbà pé àṣìṣe ńlá nìyẹn, ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ ara mi ṣàlàyé.

Páàtì kẹ̀kẹ́ Nápẹ́ẹ̀pù ni mò ń tà. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé láti ọdún 2011 tí ìjọba ti fòfin de ọ̀kadà nílùú yìí, kẹ̀kẹ́ ni ẹsẹ̀ gbogbo wa. Ọjà náà kì í kú. Ọwọ́ Alhaji kan ní Kánò ni mo ti ń kó o. Nígbà tí omi fà, mo ka ohun tó ṣẹ́ kù fún mi: ọjà tó ṣì dára, owó tó wà nílé, àti owó tó wà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦600,000. Mo sì jẹ Alhaji ní ₦480,000 lórí ọjà tó ti bá omi lọ.

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni kí n pè é kí n máa sunkún pé, "Alhaji, ẹ fún mi ní oṣù mẹ́ta." Ṣùgbọ́n kí ló dé tó fi jẹ́ oṣù mẹ́ta? Ẹnu lásán ni. Ẹni tó bá béèrè ohun tí kò kà, yóò gba èyí tó kéré jù, tàbí kó gba èyí tó máa pa á lára. Mo wá jókòó, mo mú bíírò àti ìwé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́.

Ẹ wò ó bí mo ṣe kà á. Tí mo bá san owó ní Kánò, ọjà máa ń lo ọjọ́ 3 kó tó dé ṣọ́ọ̀bù mi. Tó bá dé, tí mo bá da epo ẹ́ńjìnnì àti púlọ́ọ̀gì tó ń yá pọ̀ mọ́ tàyà tó ń falẹ̀, ọjọ́ 18 ni ọjà máa ń lò lórí àtẹ. Tí mo bá sì tà á, àwọn mẹkáníìkì tó ń rà lọ́wọ́ mi máa ń san owó lẹ́yìn ọjọ́ 7. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 28. Ìyẹn ni pé náírà tó bá kúrò lọ́wọ́ mi lónìí, ó di ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n kí n tó tún rí i.

Ọjà tí mò ń tà lóòjọ́, tí a bá wo iye tí mo rà á, jẹ́ ₦40,000. Ọjọ́ 28 lọ́nà ₦40,000 jẹ́ ₦1,120,000. Iye owó tí ṣọ́ọ̀bù mi nílò kó má bàa dúró nìyẹn. ₦600,000 ni mo ní. Ó ku ₦520,000. Ẹ fi ₦40,000 pín in, ọjọ́ 13 ni. Háà! Kì í ṣe oṣù mẹ́ta ni mo nílò. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni.

Kí n tó gbé fóònù, mo kọ́kọ́ tún ilé ara mi ṣe. Mo sọ fún àwọn mẹkáníìkì pé ọjọ́ 7 ti di ọjọ́ 3. Méjì bínú lọ, àwọn yòókù gbà. Ọjọ́ 28 di 24, owó tí ṣọ́ọ̀bù nílò sì di ₦960,000. Nínú owó tí mo rí gbà lọ́wọ́ wọn, mo ya ₦120,000 sọ́tọ̀ fún Alhaji lórí gbèsè àtijọ́. Owó tèmi wá kù ₦480,000. Àlàfo tó kù jẹ́ ₦480,000, ọjọ́ 12. Mo pinnu láti béèrè ọjọ́ 14, kí ọjọ́ méjì wà fún ọ̀nà, torí pé ẹ mọ bí ọ̀nà Damaturu ṣe rí.

Mi ò fi fóònù sọ ọ́. Mo wọkọ̀ lọ sí Kánò kí ọjọ́ tí mo dá tó pé, mo mú ìwé mi dání, mo sì kọ́kọ́ gbé ₦120,000 náà kalẹ̀ kí n tó la ẹnu. Alhaji ka owó náà, ó ní, "Baba Yaro, mo rò pé ìwọ náà ti sá ni." Mo ní, "Rárá, Ránkà dédè, mo wá sọ bí màá ṣe san ni."

Mo pín ọ̀rọ̀ sí méjì. Gbèsè àtijọ́ lọ́tọ̀, ọjà tuntun lọ́tọ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣubú. A máa ń da méjèèjì pọ̀, gbogbo owó tí a bá san máa ń wọnú gbèsè àtijọ́, ọjà tuntun ò sì ní jáde. Gbèsè tó kù jẹ́ ₦360,000. Èrè mi lóòjọ́ jẹ́ bíi ₦8,000, ọ̀sẹ̀ kan jẹ́ ₦56,000. Oúnjẹ, owó ṣọ́ọ̀bù, iná àti owó ilé ìwé ọmọ ń kó ₦38,000 lọ. Ó ku ₦18,000. Mo ní màá máa san ₦15,000 ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọ̀sẹ̀ 24 ló máa gbà. Ó ní ó pẹ́ jù. Mo fi ìwé hàn án. Ó wò ó, ó gbà. Ẹni tó rí i pé o ò fi ohunkóhun pa mọ́, ọkàn rẹ̀ á rọ̀.

Lẹ́yìn náà la wá kan ọjà tuntun. Ọmọ ọjà rẹ̀ ní kí n mú àwìn ọ̀sẹ̀ méjì, ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ ₦100,000 lówó máa di ₦106,000. Ó dà bíi pé kò pọ̀. Ẹ tún un wò. Lórí ₦100,000, èrè tèmi jẹ́ ₦20,000. Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ti kó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́ta èrè mi lọ. Mo kọ̀.

Alhaji fúnra rẹ̀ wá ní kí n san ìdajì lọ́wọ́, kí n san ìdajì lẹ́yìn ọjọ́ 14. Inú mi fẹ́ dùn, àfi ìgbà tí mo kà á. Ìdajì owó ò ní ọjọ́ kankan, ìdajì ní ọjọ́ 14. Tí ẹ bá pa á pọ̀, ọjọ́ 7 péré ló fún mi lórí gbogbo ọjà. Ọjọ́ 12 ni mo nílò. Ká ní mo gbà, ṣọ́ọ̀bù á tún gbẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣọ́ra fún ìyẹn, ó ti tan ọ̀pọ̀ nínú wa jẹ.

Mo ní kó jẹ́ kí n san ìdá kan nínú mẹ́ta nígbà tí ọjà bá wọkọ̀, kí n san ìdá méjì tó kù lẹ́yìn ọjọ́ 21. Ọjọ́ 14 nìyẹn lápapọ̀. Ọjà ọ̀sẹ̀ mẹ́ta jẹ́ ₦840,000. Mo san ₦280,000, mo mú ₦560,000 láwìn. Ó fi ₦2 lé gbogbo ₦100 àwìn náà, ìyẹn ₦11,200. Èrè mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà jẹ́ ₦168,000. Èyí mo lè gbé.

Ohun kan ṣì kù tó le jù. Alhaji béèrè pé tí dọ́là bá gòkè ńkọ́? Kò jẹ̀bi. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye dọ́là, títí tó fi kọjá ₦1,500 lọ́dún 2024, ọ̀pọ̀ wọn ta ọjà láwìn, wọ́n gbowó wọn pé, owó náà ò sì lè ra irú ọjà yẹn mọ́. Íńdíà àti Ṣáínà ni páàtì wọ̀nyí ti ń wá. Ìdí tí wọ́n fi ń sá fún àwìn nìyẹn, kì í ṣe pé wọ́n kórìíra wa. A wá fẹnu kò: iye tó wà lórí rìsíìtì ni màá san títí di ọjọ́ 21. Èyí tó bá kọjá ọjọ́ 21, iye ọjọ́ tí mo bá sanwó ni. Ẹ rí i pé ẹ béèrè èyí kí ẹ tó gbé ọjà, kó má di ìjà.

Ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó wà láàárín wa mọ̀ pé àwìn kì í ṣe ìtìjú. Àwọn Òṣómàáló ta aṣọ láwìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá àti títí dé òkè Ọya. Wọ́n mọ ọjọ́ tí owó máa wọlé, ọjọ́ náà bá sì pé, wọn á lóṣòó títí wọn á fi gbà á. Èmi ò rí ìtìjú nínú ká jẹ gbèsè. Ká jẹ gbèsè tí kò lọ́jọ́ ni ìtìjú.

Mi ò sọ pé ọ̀nà yìí wo gbogbo àrùn o. Ọjà tó bá ń lo oṣù méjì lórí àtẹ, bíi gíáàbọ́ọ̀sì, kò sí àwìn tó lè gbà á là. Irú ẹ̀ ni kí ẹ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbà padà nínú páálí rẹ̀, kí wọ́n fún yín ní èyí tó ń yá. Owó àwìn kì í sì í ṣe owó yín. Ní gbogbo alẹ́ Sátidé mo máa ń ka ọjà àti owó tó wà níta, mo máa ń fi wé ohun tí mo jẹ Alhaji. Lọ́jọ́ tí gbèsè bá ju ọjà àti owó lọ, mo ti ń jẹ owó Alhaji nìyẹn. Ẹni tó bá sì ń mú àwìn lọ́wọ́ ẹlòmíì láti san ti Alhaji, ọ̀ràn tirẹ̀ ti kọjá ká bẹ̀bẹ̀ fún ọjọ́. Kí ó dín ọjà kù ni.

Ìgbà tí mo san ìdá méjì tó kù ní ọjọ́ 20 dípò 21, Alhaji ló kọ́kọ́ pè mí. Ó ní, "Baba Yaro, kí ni kí n tún gbé?"

Ẹ sọ tiyín nísàlẹ̀ o. Ọjọ́ mélòó ni owó yín ń lò kó tó padà wálé?