Pé Kọ̀ǹpútà Gba Déètì Kò Sọ Pé Déètì Náà Wà

Ní sítóò àwọn ilé-iṣẹ́ Ọ̀tà àti Sango, ọ̀rọ̀ kan ti di ìgbàgbọ́: "Bí déètì yẹn ò bá tọ̀nà, kọ̀ǹpútà ò ní gbà á." Ọ̀gá gbà bẹ́ẹ̀, ọmọṣẹ́ gbà bẹ́ẹ̀, àwọn tó kọ fọ́ọ̀mù náà pàápàá gbà bẹ́ẹ̀. Mo ní irọ́ ni, ẹ̀rí rẹ̀ sì nìyí.

Ká ní kẹ́ẹ̀gì èròjà adùn ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan dé, tí wọ́n fi bírò kọ 30/09/2026 sí i lára pé lẹ́yìn ọjọ́ yẹn kò ṣeé lò mọ́. Akọ̀wé sítóò ka 9 sí 2, ó tẹ 30/02/2026. Kò sí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ nínú kàlẹ́ńdà wa. Ṣùgbọ́n JavaScript, tí ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù orí íńtánẹ́ẹ̀tì ń lò, kò ní jiyàn. Láti odo ló ti ń ka oṣù, nítorí náà 1 ni Fẹ́búárì:

```
const d = new Date(2026, 1, 30);
console.log(d.getDate(), d.getMonth() + 1);
```

Ohun tó máa yọ ni `2 3`, ìyẹn ọjọ́ kejì oṣù Máàṣì. Ó ka ọjọ́ méjì tó lé lórí 28 wọnú oṣù tó tẹ̀ lé e, kò sì kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Tó bá di Máàṣì, wọ́n á da èròjà tó ṣì dára nù.

Àwọn kan ní ó tó kí fọ́ọ̀mù wò ó bóyá nọ́ńbà méjì, méjì àti mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Kò tó rárá, torí 30/02/2026 ò yẹ̀ kúrò nínú ìlànà yẹn. Ohun tó yẹ ni kí kóòdù béèrè ọdún, oṣù àti ọjọ́ padà lọ́wọ́ déètì tó kọ, kó fi wọ́n wé ohun tí èèyàn tẹ̀. Bí ọ̀kan bá yàtọ̀, kó kọ̀ ọ́, kó sì sọ ìdí rẹ̀: "Ọjọ́ 28 ni Fẹ́búárì 2026 ní." Kó má fo ọdún: ẹni tó bá tẹ 26 dípò 2026, ọdún 1926 ni JavaScript máa kọ fún un.

Èyí tó burú jù ni déètì tó wà lóòótọ́, tí kì í ṣe òun la fẹ́. Bí èròjà bá ti Amẹ́ríkà wá, 05/11/2026 ara rẹ̀ lè jẹ́ ọjọ́ 11 oṣù Méè, torí oṣù ni wọ́n ń kọ ṣáájú. Lójú tiwa, ọjọ́ 5 oṣù Nòfẹ́ńbà ni. Èròjà tí kò dára mọ́ á wà nínú ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún oṣù márùn-ún àti ààbọ̀ ó lé. Kò sí àyẹ̀wò kóòdù tó lè mú èyí, nítorí ọjọ́ méjèèjì ló wà. Nítorí náà kí fọ́ọ̀mù má ṣe méfò. Kó ní àpótí mẹ́ta, kí wọ́n fi orúkọ yan oṣù, kó sì tọ́jú rẹ̀ bíi `2026-05-11`. Bí ìwé ẹrù ò bá yéni, kí wọ́n bi ẹni tó ta ọjà kí wọ́n tó kọ ọ́ wọlé.

Ẹ̀yin alábòójútó sítóò, ẹ tẹ 30/02/2026 sínú fọ́ọ̀mù yín lónìí. Bó bá gbà á, ẹ pe ẹni tó kọ ọ́ kó wá tún un ṣe.