Àmì Búlúù Kì í Ṣe Àrokò

Ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí kì í jẹ́ ká sùn ní họ́sítẹ̀ẹ̀lì kì í ṣe ìfẹ́, àmì kíkà ni. A ó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tí a fẹ́ràn lórí WhatsApp, àmì méjèèjì á di búlúù, èsì ò ní dé, kíá a ti túmọ̀ rẹ̀: kò fẹ́ wa, a ti sọ̀rọ̀ jù, ó ń fi wá ṣẹ̀sín lọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Àwa tí a ń kọ́ nípa àrokò ní kíláàsì ló yẹ kó kọ́kọ́ já irú ìtumọ̀ bẹ́ẹ̀ kulẹ̀. Ẹni tó bá fi ẹyọ owó mẹ́fà ránṣẹ́ láyé àtijọ́ ń sọ pé ọkàn òun fà sí ẹni náà. Bí mẹ́jọ bá padà wá, ọ̀rọ̀ wọn jọ nìyẹn. Ẹnìkan ló mọ̀ọ́mọ̀ ka ẹyọ, ẹnì kejì sì mọ ohun tó túmọ̀ sí. Ta ló mọ̀ọ́mọ̀ fi àmì búlúù ránṣẹ́? Fóònù ni! Ohun tó ń sọ kò ju pé wọ́n ti ṣí ọ̀rọ̀ náà lọ. Eérú pàápàá kò sọ pé wọn ò tíì kà á, torí ènìyàn lè pa àmì búlúù tirẹ̀. Bó bá sì jẹ́ ẹyọ kan, dátà lè ti tán.

Àwọn kan á ní, “Gbàgbé ẹ̀.” Ta ló gbàgbé rí nítorí pé wọ́n ní kó gbàgbé? Àwọn mìíràn á ní kí ìwọ náà jẹ́ kó dúró tó bá fèsì. Ìyẹn kàn ń sọ ẹni méjì di aláìsàn ni.

Ọ̀kan nínú wa kọ̀wé ní aago mẹ́jọ alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì. Kó tó sùn, ó ti wo fóònù tó ogójì ìgbà. Bó bá ti wò ó, ara á tù ú díẹ̀, ìtura díẹ̀ yẹn gan-an ló ń kọ́ ọwọ́ rẹ̀ láti tún wò ó. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé ọ̀rọ̀ náà kúrò lójútáyé, ó pa ìró rẹ̀, ó ní aago kan ọ̀sán àti méje alẹ́ nìkan lòun yóò máa wò ó. Ó wá fa ìlà sáàárín ìwé: ohun tí mo mọ̀, ohun tí mo rò. Ohun kan péré ló wà lápá kìíní: ó ti ṣí i. Méje wà lápá kejì. Nígbà tí àyà rẹ̀ bá ń já, ó ń mí sínú títí dé ení-èjì-ẹ̀ta-ẹ̀rin, ó ń mí síta títí dé ẹẹ́fà. Àyà ò yéé já pátápátá o, ṣùgbọ́n ó sùn.

Èsì dé ní alẹ́ Ọjọ́ Àìkú. Ọmọbìnrin náà ní kó má bínú, òun ń wá bí òun yóò ṣe sọ ọ́ láìdùn ún ni: òun ti ní ẹnìkan. Ó dun ọ̀rẹ́ wa gan-an. Ó tún ṣí ìwé yẹn wò. Kò sí èyí nínú méjèèje.