Àpá Inú Nǹkan Ọmọkùnrin: Ẹ Má Fi Pamọ́, Ẹ Má Sì Kánjú Gba Iṣẹ́ Abẹ

Ọ̀rọ̀ tòní ń ti ọ̀pọ̀ baálé ilé lójú. Nǹkan ọmọkùnrin àwọn kan máa ń tẹ̀ bó bá ti le, á sì máa dùn wọ́n. Kì í ṣe mágùn, kì í ṣe àtọ̀sí, kì í sì ṣe jẹjẹrẹ. Peyironi ni wọ́n ń pè é, orúkọ oníṣẹ́ abẹ ará Faransé kan tó kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1743.

Awọ líle kan ló yí ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń kún sí nínú nǹkan ọmọkùnrin ká. Bí ó bá ṣèèṣì tẹ̀ nígbà ìbálòpọ̀, awọ yẹn lè fara pa láìjẹ́ pé ẹni náà mọ̀. Lára àwọn kan, àpá líle ló máa ń kù síbẹ̀. Àpá kì í nà. Ẹ lẹ sẹlotéépù mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan bàlúùnù kí ẹ tó fẹ́ ẹ, ẹ ó rí i pé ìhà ibẹ̀ ló máa tẹ̀ sí.

Ká mú ọkùnrin ẹni ọdún 54 kan. Ó kan kókó kan bí ẹ̀wà, ó ń dùn ún, nǹkan rẹ̀ sì tẹ̀ sókè ní ìwọ̀n dígíríì 30. Ní oṣù kẹjọ ó di 45. Àsìkò yìí gan-an ni ẹlòmíràn máa ń ní kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún òun. A kò fara mọ́ ọn. Àpá náà ṣì ń yí padà. Bí wọ́n bá tún un ṣe lónìí, ó lè tún tẹ̀ lọ́la. Oògùn ìrora àti ẹ̀rọ tó ń fà á díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ ló tọ́ sí i nígbà yìí. Kó má fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kó lè tọ́ o! Fítámì E tí wọ́n ń tà kò sì ràn án.

Ìrora sábà máa ń lọ láàárín ọdún kan sí ọdún kan ààbọ̀, ṣùgbọ́n títẹ̀ náà kì í sábà lọ. Tí kò bá ti yí padà fún oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, ìgbà yẹn ni kí wọ́n jọ sọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ. Wọ́n lè rán ìhà kejì kó lè tọ́, àmọ́ yóò kúrú díẹ̀. Ó yẹ kí ìyàwó rẹ̀ náà gbọ́ èyí ṣáájú. Abẹ́rẹ́ tó ń rọ àpá wà níbòmíràn. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá le mọ́ rárá ni wọ́n ń fi ohun àtọwọ́dá sí nínú. Bí kò bá sì dí tọkọtaya lọ́wọ́, kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Dókítà lè fẹ́ rí i nígbà tó bá le. Ẹ lè fúnra yín ya fọ́tò rẹ̀ nílé, kí ẹ pa á rẹ́ lẹ́yìn náà. Ìlera jẹ́ kòṣeémáàní tó fàyè gba ṣíṣí ìhòòhò han dókítà, níwọ̀n ibi tó pọn dandan.

Ṣùgbọ́n tó bá dún pó lójijì nígbà ìbálòpọ̀, tó rọ̀, tó sì wú, ìyẹn yàtọ̀: ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gba ilé ìwòsàn lọ.