Ẹni Méjì Lábẹ́ Páànù

Bí ẹ bá ń wo fíìmù Yorùbá déédéé, ẹ ó ti mọ bí òjò ṣe máa ń rí nínú rẹ̀. Òjò dé, ọmọkùnrin kan sáré yà sábẹ́ ilé, ó bá ọmọbìnrin kan níbẹ̀. Kí a tó ṣẹ́jú, ọmọbìnrin ti ń sọ bí bàbá rẹ̀ ṣe kú àti bí àwọn ẹbí ṣe gba ilé lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ọmọkùnrin sì ti ń bá a nu omijé. Òjò ń rọ̀ lẹ́yìn wọn, kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Nígbà tó bá yá, a óò gbọ́ pé bàbá ọmọkùnrin náà gan-an ló gba ilé ọ̀hún.

Ẹjọ́ tí mo ní mọ́ àwọn tó ń kọ irú ìran bẹ́ẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: wọn kì í fetí sí òjò.

Ẹ wo òjò oṣù Kẹta sí oṣù Kẹrin ní Ìbàdàn. Ẹ̀ẹ̀rùn kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀ tán, ẹnikẹ́ni kò mú agbòjò jáde. Lọ́jọ́rọ̀, ojú ọ̀run á ṣú láti ìlà-oòrùn, ìjì á kọ́kọ́ dé, eruku á gbéra, àwọn ọlọ́jà á bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ ọjà mọ́. Ẹ̀kán ńláńlá díẹ̀ á bọ́ sílẹ̀, lẹ́yìn náà ọ̀wààrà á ya. Ó sábà máa ń lo agbára rẹ̀ tán láìpẹ́, á wá di wínníwínní. Òjò oṣù Kẹfà kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí lè máa rọ̀ láti àárọ̀, ẹni tó sì bá jáde sínú rẹ̀ ti múra sílẹ̀ láti ilé. Ẹni tó bá fẹ́ kọ òjò àìròtẹ́lẹ̀, ti oṣù Kẹta ni kó mú.

Òjò yìí ti pín ìran náà sí mẹ́ta fún ònkọ̀wé kó tó mú bírò: ìjì, ọ̀wààrà, wínníwínní. Lásìkò ọ̀wààrà, bí páànù tí kò ní àjà bá wà lórí yín, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín kò ní í gbọ́ yín àfi tí ẹ bá pariwo sí i létí. Àwọn tí kò mọ ara wọn kì í pariwo sí ara wọn létí. Nítorí náà, ìgbà tí òjò bá le jù ni ẹnu gbọ́dọ̀ dákẹ́ jù, ohunkóhun tó bá sì máa ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì nígbà náà, ọwọ́ àti ojú ni yóò ṣe é. Ìgbà tí òjò bá dínkù, tí kò fi bẹ́ẹ̀ sí ìdí fún wọn láti dúró mọ́, ni ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ lè wáyé.

Mo mọ ibi tí àṣìṣe ti wọlé. Orí ìtàgé ni fíìmù wa ti wá. Àwọn òṣèré alárìnkiri bí Hubert Ògúndé ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí pákó kí Ògúndé tó gbé Aiyé jáde ní 1979, àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn sì gbé àṣà ìtàgé wọ inú sinimá. Lórí ìtàgé, ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá gbọ́dọ̀ gbọ́, bí ẹnu bá sì dákẹ́, èrò ìwòran á rò pé òṣèré ti gbàgbé ọ̀rọ̀ ni. Kò sí omi níbẹ̀ náà láti bá wọn du ohùn.

Ibi ìyàwòrán tún dá kún un. Kò sẹ́ni tó fẹ́ gbé kámẹ́rà àti iná mànàmáná sínú òjò gidi. Omi táńkà ni wọ́n ń rà, wọ́n á fi ẹ̀rọ fà á gba inú rọ́bà tí wọ́n dá lu lókè, wọ́n á sì gbé iná sẹ́yìn omi náà, nítorí òjò tí a bá tan iná sí láti iwájú kì í hàn nínú àwòrán. Wọ́n á gba ohùn òṣèré sílẹ̀ ní mímọ́ gaara, wọ́n á wá fi ariwo òjò díẹ̀ sísàlẹ̀ rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń to fíìmù. Bí ènìyàn méjì ṣe ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lábẹ́ páànù nìyẹn, bí ẹni pé pálọ̀ ni wọ́n wà. Owó kọ́ ni yóò tún un ṣe. Inú ìwé eré ni àtúnṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìran tí èmi kọ rèé, ẹ bá mi wò ó.

ÌTA. IWÁJÚ ṢỌ́Ọ̀BÙ TÍ WỌ́N TÌ, DÙGBẸ̀. ỌJỌ́RỌ̀.

(Ìjì ń gbé eruku. BÀBÁ, ẹni nǹkan bí 70 ọdún, jókòó sórí bẹ́ńṣì kúkúrú kan, rédíò tí wọ́n fi láílọ́ọ̀nù wé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀kán ńlá bẹ̀rẹ̀. ARÁNṢỌ, ọ̀dọ́mọbìnrin, sáré yà síbẹ̀, ó gbá báàgì aṣọ mọ́ àyà.)

ARÁNṢỌ: (ó tẹ orúnkún díẹ̀) Ẹ kú òjò, sà.

BÀBÁ: Òo.

(Ọ̀wààrà ya. Ariwo páànù bo gbogbo nǹkan. Kò sí ọ̀rọ̀. Aránṣọ dúró sí ìkángun kejì. Páànù ibẹ̀ jò, omi kán sí i léjìká. Ó sún. Omi kán sórí báàgì. Ó yí báàgì sí iwájú, ó fi ẹ̀yìn gba omi. Bàbá rí i, ó gbójú sí títì. Ìjì fẹ́ ọ̀sọ̀ọ̀rọ̀ wọlé. Bàbá wo rédíò, ó wo báàgì. Ó gbé rédíò lé itan, ó fi ọwọ́ gbá bẹ́ńṣì lẹ́ẹ̀mejì. Aránṣọ gbé báàgì síbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ wà lórí ìdúró.)

BÀBÁ: (ó pariwo) Jókòó!

ARÁNṢỌ: Ẹ ní kí ni, sà?

BÀBÁ: Mo ní kí o jókòó! Àbí aṣọ nìkan ni òjò ń pa?

(Ó jókòó. Báàgì wà láàárín wọn. Ọkùnrin kan sáré kọjá nínú òjò, ó de abọ́ rọ́bà ńlá mọ́rí bíi fìlà. Àwọn méjèèjì fi ojú sìn ín títí. Wọ́n wo ara wọn. Òjò ń dínkù.)

BÀBÁ: Aṣọ ta ni?

ARÁNṢỌ: Ti oníbàárà ni, sà. Ọ̀la ni wọ́n fẹ́ wọ̀ ọ́.

BÀBÁ: Ọ̀la. Òní lo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé e lọ.

ARÁNṢỌ: NẸ́PÀ ni, sà.

BÀBÁ: Bí gbogbo yín ṣe máa ń wí nìyẹn.

ARÁNṢỌ: (ó dákẹ́ díẹ̀) Irọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, sà.

(Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó tú láílọ́ọ̀nù, ó tan rédíò. Ṣààà. Ó gbá a nídìí. Ṣààà.)

ARÁNṢỌ: Ẹ fa irin rẹ̀ sókè, Bàbá.

(Irin ti kán kù díẹ̀. Aránṣọ yọ háńgà wáyà kan nínú báàgì, ó tẹ̀ ẹ́, ó fi kọ́ ìdí irin náà. Ohùn oníròyìn jáde.)

BÀBÁ: Ha! Ọkùnrin yẹn sì gba owó lọ́wọ́ mi! Ó ní òun ti pààrọ̀ nǹkan nínú rẹ̀!

ARÁNṢỌ: Kò sọ pé NẸ́PÀ ni?

(Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.)

BÀBÁ: Ọmọ ibo ni ẹ́?

ARÁNṢỌ: Ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí, Bàbá.

BÀBÁ: Ọmọ aláṣọ òfì, o wá ń rán léèsì.

ARÁNṢỌ: Léèsì ni wọ́n ń gbé wá.

(Wínníwínní. Òjò dá. Àwọn ènìyàn ti ń rìn ní títì. Àwọn méjèèjì kò dìde.)

BÀBÁ: Ó ti dá.

ARÁNṢỌ: Ó ṣì ń kán, Bàbá.

(Kò sí ẹ̀kán kankan tí a rí. Wọ́n jókòó. Fóònù Aránṣọ dún.)

ARÁNṢỌ: (sínú fóònù) Mo ti wà lọ́nà, mà. Òjò ló dá mi dúró. (Ó gbé báàgì, ó na ọwọ́ sí háńgà, ó fi í sílẹ̀.) Ó dàbọ̀, Bàbá.

BÀBÁ: Ó dàbọ̀, ọmọ mi. NẸ́PÀ ni kí o wí.

Ẹ kíyè sí i pé títẹ orúnkún àti “Ẹ kú òjò” kò tíì mú ẹnikẹ́ni sún mọ́ ẹnikẹ́ni. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé yóò kí àgbà, àgbà yóò ní “Òo,” ọ̀rọ̀ parí. Ọ̀pọ̀ òṣèré ló máa ń fẹ́ fi ẹ̀rín kún “Òo” yẹn. Olùdarí ni kó kọ̀ fún wọn. Bí Bàbá bá ti rẹ́rìn-ín níbẹ̀, kò sí ohun tí gbígbá bẹ́ńṣì yóò tún ṣe fún wa.

Ọ̀dọ́mọbìnrin kò lè pe àgbàlagbà ní “ìwọ” láéláé, bó ti wù kí ọ̀rọ̀ wọn wọ̀ tó, nítorí náà ibòmíràn ni a óò ti rí i pé ara rẹ̀ ti balẹ̀. “Sà” ló ń wí títí ó fi jẹ́wọ́ irọ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn ẹ̀rín tí ìjẹ́wọ́ yẹn fà ni “Bàbá” tó jáde, “sà” kò sì padà mọ́. Ti Bàbá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ: ìgbà tó ń lọ ló tó pè é ní “ọmọ mi.” Bí ẹ bá fi “ọmọ mi” sí ìbẹ̀rẹ̀, bí ọ̀pọ̀ ìwé eré ṣe ń ṣe, ẹ ti ná owó náà kí ẹ tó dé ọjà.

Ibi tí mo ka ìran yìí sí jù ni “Ó ṣì ń kán.” Títí dé ibẹ̀, òjò ló ń dá wọn dúró. Nígbà tí òjò ti lọ tí ọmọ yẹn sì parọ́ pé kò tíì lọ, òun fúnra rẹ̀ ló yàn láti jókòó, Bàbá náà sì yàn láti gba irọ́ náà gbọ́. Kò gbọdọ̀ sí orin lábẹ́ ibẹ̀. Kò sì gbọdọ̀ sí wínníwínní nínú àwòrán, nítorí bí òǹwòran bá rí ẹ̀kán, òótọ́ ló sọ nìyẹn.

Àwọn kan á ní kí aṣọ inú báàgì jẹ́ ti ọmọ Bàbá tó fẹ́ gbéyàwó lọ́la, kí ìran náà lè bá ìtàn mu. Mo mọ̀ pé ó dùn mọ́ olóòtú nínú. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹbí ni wọ́n, gbogbo ohun tí wọ́n ṣe fún ara wọn lábẹ́ páànù á di ojúṣe. N kò tilẹ̀ jẹ́ kí wọ́n bi ara wọn ní orúkọ.

Ọ̀rọ̀ gígùn ló kù. Ìṣirò àwọn oníṣẹ́ fíìmù ni pé ojú ewé kan jẹ́ ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n àwọn ìlà tí kò ní ọ̀rọ̀ máa ń tan ènìyàn jẹ. Ìlà mélòó kan ni ti ọ̀wààrà yẹn lórí ìwé, ó sì lè gba ìṣẹ́jú kan gbáko bí àwọn òṣèré kò bá kánjú. Ẹ fi aago wọ̀n ọ́n níbi ìdánrawò kí ẹ tó ra omi táńkà, kí omi má tán nígbà tí Bàbá ṣì ń wo rédíò. Bí olóòtú bá wá ní ó gùn jù, Ìsẹ́yìn àti aṣọ òfì ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ. Bí kò bá tó, ẹ yọ ọkùnrin tó de abọ́ rọ́bà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkàn mi wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ibi tí Bàbá ti gbójú sí títì kó tó gbé rédíò kúrò.